Láti Àjà-Ẹnu dé Abẹ́ Àgbọ̀n: Bí A Ṣe Wá Rí Ẹ̀yìn Ahọ́n Nínú Ìró Kílíìkì

Ọjọ́ pẹ́ tí àwa olùkọ́ ẹ̀dá-èdè ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, nínú ìró kílíìkì àwọn èdè Gúúsù Áfíríkà, ibi méjì ni ahọ́n ti máa ń dí ọ̀nà èémí. Ọ̀kan wà níwájú. Èkejì wà lẹ́yìn, lára àfàsé, níbi tí a ti ń pe k. Ahọ́n á rẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, àyè ibẹ̀ á fẹ̀, bí iwájú bá sì ti ṣí, afẹ́fẹ́ á ya wọlé pẹ̀lú ariwo. Kò ṣòro fún Yorùbá láti gbà, nítorí p tiwa náà ń dí níbi méjì, ní ètè àti ní àfàsé. Ṣùgbọ́n ti iwájú nìkan ni a ní ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa. Àbá ni ti ẹ̀yìn jẹ́. Bí ẹ̀rí ṣe wá bá àbá náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 1923 ni Clement Martyn Doke bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Witwatersrand ní ìlú Johannesburg. Ìwé rẹ̀ lórí fònẹ́tíìkì èdè Súlú jáde ní 1926, ó sì lo àwòrán àjà-ẹnu nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nìyí. Wọ́n á ṣe àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó bá àjà-ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mu rẹ́gí, wọ́n á sì bu ìyẹ̀fun sí i lára. Ẹni náà á fi í sẹ́nu, á pe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á sì yọ ọ́ kí ó tó gbé itọ́ mì. Ibi tí ìyẹ̀fun bá ti nù kúrò ni ahọ́n ti kàn.

Ọ̀rọ̀ tí a ó lò gba ṣíṣà. Ọ̀rọ̀ Súlú náà *xoxa*, tí ó túmọ̀ sí kí á tàkúrọ̀sọ, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí kò sí kọ́ńsónáǹtì mìíràn nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí kílíìkì x. *Xabana*, tí í ṣe kí ènìyàn méjì máa bá ara wọn jà, yóò ba àwòrán jẹ́, nítorí n inú rẹ̀ náà yóò nu ìyẹ̀fun. Fáwẹ́lì i pàápàá léwu, nítorí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n máa ń kan àjà-ẹnu bí a bá ń pè é.

Bí a tilẹ̀ ṣọ́ra tó báyìí, àìpé méjì kù. Gbogbo ibi tí ahọ́n kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin ni yóò hàn pọ̀, láìsọ èyí tó ṣáájú. Nínú x, ẹ̀gbẹ́ ni ahọ́n ti ń ṣí, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ náà ti kàn kí ó tó ṣí, nítorí náà àwòrán kò lè fi ìṣísílẹ̀ náà hàn. Èkejì ni pé orí àjà-ẹnu líle ni àwo náà mọ. Ohun tí ẹ̀yìn ahọ́n ń ṣe kò hàn níbẹ̀ rárá.

Ní yunifásítì kan náà ni Anthony Traill ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí èdè !Xóõ, tí wọ́n ń sọ ní Botswana. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1985, ó fi ẹ̀rọ ẹ̀síréè kún àwòrán àjà-ẹnu, gbogbo ahọ́n sì hàn láti ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ìtànṣán ẹ̀síréè léwu fún ara. A kò lè máa tàn án sí ènìyàn lára léraléra.

Ọ́túrásáǹdì, ẹ̀rọ tí àwọn aboyún ń pè ní síkáànù, ni ó tú wa sílẹ̀ nínú èyí. Wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ náà sí abẹ́ àgbọ̀n. Ìró tí etí kò lè gbọ́ á gba inú ẹran ahọ́n kọjá, á kan afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀, á sì padà. Ojú ahọ́n á hàn bí ìlà funfun. Amanda Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ bá àwọn tó ń sọ Nǀuu ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí iṣẹ́ wọn jáde ní 2009, àwọn tó ń sọ èdè náà kò pé mẹ́wàá, arúgbó sì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá kọjá lọ láìsí àwòrán, kò sí ẹnu mìíràn tí a lè bi.

Àwọn kílíìkì kan wà nínú èdè náà tí ìwé ti pín sí méjì, tí wọ́n ní ọ̀kan ń dí ní àfàsé, èkejì ní bèlúbèlú. Àwòrán fi hàn pé ibi kan náà ni ẹ̀yìn ahọ́n ń lọ nínú méjèèjì, ó sì jìn sẹ́yìn ju ibi k lọ. Bí èémí ṣe ń rìn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dábàá pé kí a máa fi orúkọ ahọ́n pe irú èémí yìí, kí a yé fi ti àfàsé pè é.

Ọ́túrásáǹdì náà ní ibi tí kò lè rí. Eegun àgbọ̀n àti afẹ́fẹ́ abẹ́ ahọ́n máa ń bo ṣóńṣó ahọ́n, àjà-ẹnu kì í sì í hàn àyàfi bí ẹni náà bá ń gbé omi mì. Bí orí ẹni náà bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà á yẹ̀ pẹ̀lú, a ó sì rò pé ahọ́n ni ó rìn. Ìyára ìṣísílẹ̀ kílíìkì tún máa ń ju ti ẹ̀rọ tí ń ya ọgbọ̀n àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iwájú ahọ́n tí ó fara pa mọ́ fún ẹ̀rọ yìí gan-an ni ìyẹ̀fun ń fi hàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìrísí ahọ́n nínú kílíìkì lódindi ṣì ní láti ya àwòrán irú ti Doke sí ẹ̀gbẹ́ ti abẹ́ àgbọ̀n.