Kí Ni ECG Ń Wí Nínú Èsì Àyẹ̀wò?

Láti òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà títí wọ Ọ̀gbà àti Agége, àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí kì í gba ènìyàn síṣẹ́ àfi tó bá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ara. Nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí ni ECG wà. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ: ọmọ ọdún 31, ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ ẹrù gbígbé ló ń ṣe, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n fún un ní èsì rẹ̀ nínú àpòòwé, ó tú u lójú ọ̀nà, ó rí èyí:

```
HR 50 bpm
Sinus bradycardia
Voltage criteria for LVH
```

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Sinus tó mọ̀, àrùn imú ni. Ó wo LVH, ó rí V, ó rí H, ó rántí lẹ́tà mẹ́ta mìíràn tó jọ ọ́, àyà rẹ̀ já. Kò sí èyí tó yẹ kó já a láyà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ èsì kò bá a sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́.

ECG ni ìkékúrú ẹlẹ́kítírókádíógíráàmù. Apá àkọ́kọ́ nínú orúkọ gígùn yìí jẹ mọ́ mànàmáná, apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì fún ọkàn, apá kẹta ni ohun tí a kọ sílẹ̀. Bí a bá rí EKG lórí ìwé mìíràn, ohun kan náà ni. Bí àwọn ará Jámánì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Willem Einthoven, ará ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló sọ àyẹ̀wò yìí di ohun tí dókítà lè gbẹ́kẹ̀ lé, òun náà ló fún àwọn òkè àti kòtò orí ìlà rẹ̀ ní orúkọ P, Q, R, S àti T. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1924.

Báwo ni ká ṣe pè é ní Yorùbá? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni "àkọsílẹ̀ ìlù ọkàn". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ní apá òkè ọkàn lọ́wọ́ ọ̀tún, ojú ibì kan wà tó ń rán mànàmáná kékeré jáde. Mànàmáná yìí á kọ́kọ́ gba inú yàrá méjì òkè kọjá, á dúró díẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá méjì ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ẹran ara ọkàn bá gbọ́ ìpè yẹn ló tó fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Ìpè náà ni ECG ń kọ, kì í ṣe ìfúnpọ̀. Ọ̀gá lè pàṣẹ nílé iṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ má dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà ECG lè ṣì máa lọ sókè sódò nígbà tí ọkàn kò tú ẹ̀jẹ̀ kankan jáde mọ́. Dókítà tó bá pè é ní ìlù ọkàn ti bo òtítọ́ yìí mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn á fẹ́ "àkọsílẹ̀ iná ọkàn". Ìyẹn sún mọ́ ọn, àmọ́ iná ń jóni, aláìsàn tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ láyà kò nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Àkọsílẹ̀ mànàmáná ọkàn" ló dára jù. Kí ẹni tó ń ṣàlàyé sì fi kún un pé ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ kiri ara ni òun ń sọ, nítorí ọkàn tí Yorùbá fi ń ronú, tó fi ń bínú, tó fi ń bà jẹ́, kò sí lórí bébà yìí.

Ẹ̀rọ náà kì í fi iná sí ara ẹnikẹ́ni. Aláìsàn á bọ́ aṣọ òkè, á dùbúlẹ̀, wọn á lẹ ohun ìlẹ̀mọ́ mẹ́wàá mọ́ ọn: mẹ́fà láyà, mẹ́rin lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Nínú mẹ́wàá yìí ni ẹ̀rọ ti ń wo ọkàn láti ìhà 12. Bí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù bá mú kí ara máa gbọ̀n, ìlà á rí wúruwùru. Bí wọ́n bá ṣi wáyà ọwọ́ ọ̀tún gbé sí ti òsì, bébà lè fi ohun tó jọ àìsàn hàn lára ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ó yá, ká padà sí èsì ọkùnrin wa. Milimítà 25 ni bébà ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àpótí ńlá kọ̀ọ̀kan orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó milimítà márùn-ún. Tí ìlà bá lọ déédéé, ẹni tó bá ka iye àpótí ńlá tó wà láàárín òkè R kan àti èkejì, tó pín 300 sí i, á mọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Àpótí mẹ́fà ló wà lórí tirẹ̀: 50 nìyẹn. Wọ́n ń retí 60 sí 100. Bradycardia kò ju "ọkàn ń lù lọ́ra" lọ, sinus sì ń sọ pé ibi tó yẹ kí ìpè ti wá gan-an ló ti wá. Ìròyìn rere ni! Ọkàn agbábọ́ọ̀lù sábà máa ń lọ́ra báyìí. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tó ń dákú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

LVH ló gba sùúrù. Ó túmọ̀ sí pé ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ọkàn ti ki, bó ṣe máa ń ki lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá jà pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò rí ògiri kankan. Ó wọn kòtò S ní ìhà V1, ó jẹ́ milimítà 13. Ó wọn òkè R ní V5, ó jẹ́ 24. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 37. Òfin tí Sokolow àti Lyon gbé kalẹ̀ ní ọdún 1949 ní kó má tó 35. Lára ọ̀dọ́ tí àyà rẹ̀ kò lẹ́ran, ìlà máa ń ga láìsí àrùn, àwọn dókítà sì ti rí i pé òfin yìí tètè ń dá àwa aláwọ̀ dúdú lẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí Araoye, onímọ̀ nípa ọkàn ní Nàìjíríà, fi gbé òdiwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀. "Voltage criteria" túmọ̀ sí pé gíga ìlà nìkan ni ẹ̀rí, kò tíì sí òmíràn.

Ẹ̀rí mìíràn ni dókítà rẹ̀ wá lọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 122/76, wọ́n tún un wọ̀n, kò yí padà. Wọ́n ní kó lọ ṣe ECHO, tí ọ̀pọ̀ ń ṣì pè ní ECG. ECHO ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo ọkàn bó ṣe ń fún pọ̀, ó sì ń wọn ògiri rẹ̀. Milimítà mẹ́sàn-án ni ògiri náà, ó wà níbi tó yẹ kó wà. Ọkùnrin náà wọṣẹ́.

Èsì tó dára náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ECG fi ń wo ọkàn. Bí àyà bá ń fún ènìyàn pinpin, tí ìrora ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò ó, kó má ṣe jókòó ti ECG oṣù tó kọjá. Kó lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, bíi ti LASUTH ní Ìkẹjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ECG nílé, ẹ bèèrè bébà onílà fúnra rẹ̀, ẹ má gba ìwé àlàyé nìkan, kí ẹ sì ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Bébà tó ń fi ooru kọ̀wé ni, ó máa ń ṣá, òun sì ni dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fẹ́ fi wé tuntun.