Ètò Ìṣúná Kànga Ẹ̀rọ Àdúgbò: Owó Olùtọ́jú, Àpò Àtúnṣe àti Gbígba Owó Omi

Kànga ẹ̀rọ, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bọ́ọ̀hóòlù, kì í sábà kú nítorí pé omi tán nínú ilẹ̀. Ohun tó ń pa á ni pé ẹ̀rọ tí ń fa omi á jóná lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kò sì ní sí owó nílẹ̀ tí a ó fi ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ló ń gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ ní orúkọ bàbá tàbí ìyá wọn tó ti kú, kó lè jẹ́ sàdákà járíyà, ìyẹn sàdákà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí àwọn èèyàn bá ṣì ń jàǹfààní rẹ̀. Bí omi bá dá, orúkọ òkú á ṣì wà lára táǹkì, ṣùgbọ́n àǹfààní ti dúró. Nítorí náà, kí a tó pe àwọn tí ń gbẹ́ kànga, ó yẹ kí a ti mọ iye tí omi náà yóò máa ná wa lóṣooṣù àti ibi tí owó yóò ti máa wá.

Àwọn kan á béèrè bóyá ó tọ́ kí a gba owó omi rárá, nítorí hádíìsì wà tó kọ títa omi tó ṣẹ́ kù síni lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíkíì ya omi tó wà ní orísun rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára omi tí ẹnìkan ti náwó nára fà jáde tó sì ti kó sínú ohun ìpamọ́. Owó tí a ń sọ nípa rẹ̀ níhìn-ín jẹ́ owó epo, owó iṣẹ́ àti owó ẹ̀rọ. Kí jámáà bi àwọn àáfà wọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di ìjà nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka omi, kí ẹ tó ka owó

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó tí a lò níhìn-ín, a mú un kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín rọ́pò rẹ̀.

Ilé 60 ló ń sanwó, ilé kọ̀ọ̀kan sì ń pọn kẹ́ẹ̀gì 4 oní-lítà 25 lóòjọ́. Ìyẹn jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 240. Àwọn opó àti aláìní tó wà ní ilé 5 ń pọn kẹ́ẹ̀gì 20 lọ́fẹ̀ẹ́. Omi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí ń gba lítà 1,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 40. Èyí tó ń dà sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣan kẹ́ẹ̀gì àti èyí tí àwọn ọmọdé ń bù mu tó kẹ́ẹ̀gì 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 320, tàbí lítà 8,000 lóòjọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kẹ́ẹ̀gì 320 la ń náwó fà, ṣùgbọ́n 240 péré ló ń mú owó wọlé. Ibí yìí ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń wọ́.

Ìnáwó oṣù kan

Bí ẹ̀rọ bá ń fa lítà 2,000 ní wákàtí kan, á ṣiṣẹ́ fún wákàtí 4 lóòjọ́. Ká ní jẹnẹrétọ̀ ń mu nǹkan bíi lítà epo bẹntiróòlù 1 ní wákàtí kan, epo sì jẹ́ 1,000 náírà ní lítà kan.

- Epo, lítà 4 lóòjọ́ fún ọjọ́ 30: ₦120,000
- Owó oṣù olùtọ́jú kànga: ₦50,000
- Ọ́ìlì àti títọ́jú jẹnẹrétọ̀: ₦10,000
- Pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ, wásà àti fífọ táǹkì: ₦4,000
- Owó tó ń wọ àpò àtúnṣe: ₦31,000
- Àpapọ̀: ₦215,000

Bí a bá pín 215,000 sí kẹ́ẹ̀gì 7,200 tí wọ́n ń sanwó fún lóṣù, ó di nǹkan bí 30 náírà ní kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹni tó bá pín in sí gbogbo kẹ́ẹ̀gì 9,600 tí a fà yóò rí 22 náírà, inú rẹ̀ á sì dùn pé omi òun pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ₦158,400 péré ni yóò wọlé fún un. Èyí tó kù díẹ̀ káàtó, ₦56,600, ju owó oṣù olùtọ́jú lọ. Epo kò ṣeé rà láwìn, nítorí náà olùtọ́jú àti àpò àtúnṣe ni ìyà náà yóò jẹ.

Àpò àtúnṣe

A kì í fojú díwọ̀n owó àtúnṣe. Ohun kọ̀ọ̀kan tó máa bàjẹ́ ni a ó mú, a ó wo iye tí wọ́n ń tà á, a ó sì pín in sí iye oṣù tí a retí pé yóò lò.

- Ẹ̀rọ tí ń fa omi pẹ̀lú wáyà rẹ̀, ₦240,000, ọdún 4: ₦5,000 lóṣù
- Jẹnẹrétọ̀, ₦360,000, ọdún 3: ₦10,000 lóṣù
- Táǹkì àti àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ₦360,000, ọdún 10: ₦3,000 lóṣù
- Fífọ inú kànga, ₦150,000, ọdún 5: ₦2,500 lóṣù

Àpapọ̀ jẹ́ ₦20,500. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ lónìí kọ́ ni wọn yóò máa tà á lọ́dún mẹ́rin sí i. Ìdí nìyí tí a fi fi ìdajì lé e, tó fi di nǹkan bíi ₦31,000. Kí ìgbìmọ̀ máa béèrè iye owó nǹkan wọ̀nyí lọ́jà lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tún ìṣirò yìí ṣe.

Ìṣòro kan ṣì wà. Ẹ̀rọ kì í dúró de ìgbà tí àpò bá kún. Bó bá jóná ní oṣù karùn-ún, ₦155,000 ló máa wà nílẹ̀, ẹ̀rọ sì jẹ́ ₦240,000. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga fún àdúgbò, kó ka owó ẹ̀rọ kan mọ́ owó kànga, kó sì fi í sí àpò àtúnṣe kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí owó rẹ̀ kò bá tó, táǹkì kékeré tó ní owó àtúnṣe sàn ju táǹkì ńlá tí kò ní.

Kí àpò yìí ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báǹkì, kó má dà pọ̀ mọ́ owó mọ́ṣáláṣí. Kí èèyàn mẹ́ta jẹ́ olùbuwọ́lù, kí ìbuwọ́lù méjì tó lè gba owó jáde, kí olùtọ́jú kànga má sì sí lára wọn. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní yá owó náà fún tàfúsírì, wòlímọ̀ tàbí ọ̀dà mọ́ṣáláṣí. Owó tí a bá yá pẹ̀lú ìlérí kì í sábà padà kí ẹ̀rọ tó jóná.

Olùtọ́jú kànga

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tan ẹ̀rọ, kó ṣí omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kó nu ìdí ẹ̀rọ mọ́, kó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Àwọn àdúgbò kan á ní kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Ọlọ́hun. Ẹni tó ń jí lójoojúmọ́ kí àwọn ẹlòmíràn tó jí, ó ní ilé tó ń bọ́. Bí a kò bá sanwó fún un, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oko tàbí ọjà bá pè é, tàbí kó máa yọ owó tirẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ.

Kí owó rẹ̀ jẹ́ iye kan pàtó, kí a sì san án lọ́jọ́ kan pàtó, láti àkáǹtì. Kó má jẹ́ ìdá kan nínú owó tó bá wọlé, nítorí pé nígbà òjò owó á relẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dínkù tó bẹ́ẹ̀.

Gbígba owó omi

Òfin kan ló ṣe pàtàkì jù: ẹni tó ń ṣí omi kò gbọdọ̀ di owó mú. Kí ìyá onísọ́ọ̀bù kan nítòsí máa ta tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, kí olùtọ́jú máa gba tíkẹ́ẹ̀tì nìkan, kó sì máa ya á sí méjì lójú ẹni tó mú un wá. Akápò á gba owó lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tó kù ni òjò. Ká ní fún oṣù mẹ́rin tí òjò bá pọ̀ jù, àwọn èèyàn ń gbe omi òjò, omi tí a ń tà sì dín sí ìdajì: kẹ́ẹ̀gì 120 lóòjọ́. Omi ọ̀fẹ́ kò dín. A ó fa kẹ́ẹ̀gì 200, epo á jẹ́ ₦75,000, àwọn ìnáwó yòókù á sì wà bí wọ́n ṣe wà, àpapọ̀ ₦170,000. Bí kẹ́ẹ̀gì bá jẹ́ 30 náírà, ₦108,000 ni yóò wọlé. Gbèsè nìyẹn.

Nítorí náà ni a ó ṣe ta kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ní 100 náírà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ₦240,000 á wọlé lóṣù, ₦25,000 á sì ṣẹ́ kù. Fún oṣù mẹ́jọ, ó di ₦200,000. Nígbà òjò, ₦120,000 á wọlé, a ó sì fi ₦50,000 kún un lóṣù. Fún oṣù mẹ́rin, ₦200,000 náà ni. Ìyẹn fi hàn pé owó tó ṣẹ́ kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe èrè. Owó oṣù òjò ni, kí ẹnikẹ́ni má pín in.

Epo náà ń yí padà. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó 200 náírà ní lítà kan ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí 100 náírà bá gorí lítà epo kan, ₦12,000 á gorí ìnáwó oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa béèrè náírà 5 sí i lórí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta. Kí àdúgbò ti fẹnu kò sí èyí ṣáájú, kí owó omi lè tẹ̀ lé owó epo láìsí ìpàdé oníjà.

Ohun tí ìwé àkọsílẹ̀ yóò fi hàn

Kí a fi mítà sí ẹnu páìpù tó ń jáde láti táǹkì, kí ẹlòmíràn tó yàtọ̀ sí olùtọ́jú máa kà á. Bí mítà bá sọ pé lítà 8,000 jáde, tíkẹ́ẹ̀tì 240 ló yẹ ká rí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì 80 tí a mọ̀ pé ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 190 lọ́jọ́ púpọ̀, yálà páìpù ń jò tàbí ẹnìkan ń gba owó lọ́wọ́.

Kí a tún máa kọ iye àkókò tí táǹkì fi ń kún. Táǹkì oní-lítà 5,000 tó ń kún ní wákàtí méjì ààbọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ wà ní tuntun, bó bá wá ń gba wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, ẹ̀rọ ti ń gbó, páìpù inú kànga ń jò, tàbí omi ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀. Kí a pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí omi kò ti kárí rẹ̀ mọ́ máa jóná. Bí epo bá sì ń pọ̀ sí i tí àkókò àti omi kò yí padà, ẹ wo inú kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ má wo kànga.

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, kí akápò ka iye mẹ́rin sí etígbọ̀ọ́ jámáà, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: iye lítà tó jáde, iye owó tó wọlé, iye tí a ná, àti iye tó wà nínú àpò àtúnṣe. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀ kì í sábà bínú san owó omi.