Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Pàṣípààrọ̀ Owó? Láti Pọ́n-ùn 1967 dé Dọ́là 2023

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, òwe yìí ṣẹ mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lára, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ṣómólú. Bébà ìtẹ̀wé ni wọ́n ń kó wọlé láti òkèèrè fún àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó. Wọ́n ti kó gbogbo owó ọjà kalẹ̀ sí báńkì, bébà ti dé, wọ́n sì ti tà á tán, kí báńkì tó pè wọ́n pé ó ku ₦4,800,000 tí wọn yóò san. Wọ́n ní, "Gbèsè kí ni? Ṣebí mo ti sanwó!" Ìbéèrè yìí ló gbé mi wọ inú ìtàn, mo sì rí i pé kì í ṣe orí Bàbá Ṣómólú ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe owó fún Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Pọ́n-ùn kan ti ìgbìmọ̀ náà dọ́gba pẹ̀lú pọ́n-ùn kan ti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, tí a sì ní pọ́n-ùn tiwa, ìdọ́gba yìí kò yí padà. Nítorí náà, bí oníṣòwò Èkó bá ra aṣọ ní Mansẹ́sítà, yálà pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sínú ìwé owó ọjà ni o, yálà pọ́n-ùn Nàìjíríà ni, ọ̀kan náà ni. Kò sí ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1967, ìjọba Harold Wilson dín iye pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kù. Pọ́n-ùn kan tó ń gba dọ́là 2.80 tẹ́lẹ̀ wá ń gba dọ́là 2.40. Ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò dín owó tirẹ̀ kù. Ohun tó jẹ́ £1,000 ti Gẹ̀ẹ́sì wá di nǹkan bí £857 péré ní owó Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn oníṣòwò méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ti ra aṣọ £1,000 láti Mansẹ́sítà, kò sì tíì sanwó. Ẹnì kejì ti ta kòkó £1,000 sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì tíì gba owó. Pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sínú ìwé àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni tó ra aṣọ yóò fi £857 san gbèsè £1,000, ó sì jèrè £143 láì ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó ta kòkó yóò gba £857 dípò £1,000, ó sì pàdánù £143 láì ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ pé pọ́n-ùn Nàìjíríà ni wọ́n kọ sínú ìwé aṣọ yẹn ni, ẹni tó ra á ní Èkó yóò san £1,000 rẹ̀ pé, ẹni tó tà á ní Mansẹ́sítà ni ìbá sì jèrè.

Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé ewu pàṣípààrọ̀ kì í bá ẹni tí owó orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹnì kejì, tó ní láti pààrọ̀ owó kó tó lè san án tàbí kó tó lè ná an, ni ewu náà ń bá. Ó lè mú èrè wá fún un, ó sì lè mú àdánù wá.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá Ṣómólú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé dọ́là ni mo fi rajà. Ṣùgbọ́n báńkì ti dúró fún mi." Lẹ́tà onídùúró báńkì, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ẹ́ẹ̀lì-síì, ni wọ́n ń sọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó ń tajà ní òkèèrè kò mọ ẹni tó ń rà á ní Èkó, kò sì fẹ́ kó ọjà sọ́kọ̀ kó má rí owó gbà. Ẹni tó ń rà náà kò fẹ́ sanwó kí ó má rí ọjà. Báńkì ẹni tó ń rà yóò wá kọ lẹ́tà pé, bí ẹni tó ń tà bá lè mú àwọn ìwé tí a kà sílẹ̀ wá, irú bí ìwé owó ọjà àti ìwé ẹrù ọkọ̀ ojú omi, òun báńkì yóò san owó náà, bó ti wù kó rí. Ìwé ni báńkì ń wò, kì í tú ẹrù wò.

Ẹ kíyè sí ohun tí lẹ́tà yìí ṣe. Ó gba ẹni tó ń tajà lọ́wọ́ ìbẹ̀rù pé wọn kò ní sanwó fún òun. Ṣùgbọ́n dọ́là ni báńkì ṣèlérí, kì í ṣe náírà. Lẹ́tà náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iye tí wọn yóò ra dọ́là. Kódà, ó tún so ẹni tó ń rajà mọ́lẹ̀ sí i, nítorí bí náírà bá já wálẹ̀, kò lè ní òun kò ṣe mọ́.

Bébà Bàbá Ṣómólú jẹ́ $20,000, wọn yóò sì sanwó lẹ́yìn ọjọ́ 120. Nígbà tí báńkì kọ lẹ́tà náà, ₦460 ni dọ́là kan, wọ́n sì kó ₦9,200,000 kalẹ̀. Wọ́n rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n dọ́là ṣọ̀wọ́n, báńkì kò rí i rà ní ọjọ́ náà, náírà yẹn sì wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi náírà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye dọ́là, náírà sì já láti nǹkan bí ₦470 sí ohun tó ju ₦660 lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí báńkì wọn máa rí dọ́là náà rà, ₦700 ni. Ìlọ́po 20,000 rẹ̀ jẹ́ ₦14,000,000. Ẹ yọ ₦9,200,000 kúrò, ẹ ó rí ₦4,800,000 náà. Ìwé tí wọ́n fi ₦460 ṣírò èrè rẹ̀ ni wọ́n ti tà, wọn kò sì lè padà lọ bá àwọn onítẹ̀wé.

Bó bá jẹ́ pé ₦9,200,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé owó ọjà ńkọ́? Ẹni tó tajà ìbá pààrọ̀ rẹ̀ ní ₦700, ìbá sì rí nǹkan bí $13,140 gbà lórí ọjà $20,000. Àdánù náà kò ní parẹ́, ọrùn ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tajà fi máa ń kọ̀ jálẹ̀, tàbí kí ó bu owó lé ọjà kó tó gbà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé, bí iye dọ́là bá kọjá ibi kan, àwọn méjèèjì yóò jọ pín in. Àwọn mìíràn máa ń san owó fún báńkì kó lè ṣèlérí iye kan pàtó fún ọjọ́ tí wọn yóò sanwó. Ìlérí yẹn gan-an ni kò sí nínú lẹ́tà onídùúró.

Bàbá Ṣómólú ta ọkọ̀ akérò wọn kan láti fi san gbèsè náà. Ní báyìí, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi báńkì. Ẹ̀ẹ̀kíní, owó wo ni ẹ ṣèlérí? Ẹ̀ẹ̀kejì, ọjọ́ wo ni ẹ ó rà á? Bí ọjọ́ tí wọ́n kó náírà kalẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ra dọ́là kò bá jẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n mọ̀ pé àwọn kò tíì sanwó.