Orúkọ Iṣẹ́ ni Ajílẹ̀ Òkìtì Ń Fẹ́

Nígbà tí Yorùbá sọ ohun tó ń ta ilẹ̀ jí ní ajílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wò. Ọ̀nà yẹn náà ló yẹ kí á tọ̀ bí a bá fẹ́ ṣàlàyé ajílẹ̀ òkìtì fún olóko ẹ̀fọ́ ní Igbóbì. Òkìtì ni mo pè é, n kò pè é ní ààtàn, nítorí ààtàn ni ibi tí a da nǹkan sí tí a sì bá tiwa lọ. Èyí ní ìwọ̀n, ó ní ìgbóná, ó sì ní olùtọ́jú.

Ìwọ̀n yẹn ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣini lọ́nà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ òkìtì máa ń rí okun nínú kábọ́ọ̀nù, náítírójìn ni wọ́n sì fi ń kọ́ ara wọn. Iṣẹ́ wọn yá jù bí kábọ́ọ̀nù bá tó ìlọ́po 30 náítírójìn. Ìwé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń pín ohun èlò sí aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ adìẹ dúdú bí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ náítírójìn ló kún inú rẹ̀. Bí a bá ní gbígbẹ àti tútù, ìgbẹ́ adìẹ tí oòrùn ti gbẹ yóò tún bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ tó bá iṣẹ́ mu ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, nínú ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ: afúnnilókun àti amáradàgbà. Ìyẹ̀ pákó láti ibi ìlagi àti ìrépé ìwé àwọn atẹ̀wé Ṣómólú jẹ́ afúnnilókun. Ìgbẹ́ adìẹ àti ewé ẹ̀fọ́ tí a ṣà dànù ní ọjà jẹ́ amáradàgbà.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí a kò fi pe kábọ́ọ̀nù ní èédú, kí ó lè jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé. Olóko tó bá gbọ́ èédú yóò da èédú sínú òkìtì, èédú kì í sì í tètè jẹrà; ọdún lè gorí ọdún kí ó má yí padà. Nítorí náà, orúkọ èròjà ni kí á yá, kí á fi Yorùbá sọ iṣẹ́. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: orúkọ iṣẹ́ kò sọ iye. Òótọ́ ni. 30 sí 1 kì í ṣe agbọ̀n ìyẹ̀ pákó 30 sí agbọ̀n ìgbẹ́ kan, ohun tó wà nínú wọn là ń kà. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ kílò 10 ní kábọ́ọ̀nù kílò 3.2 àti náítírójìn kílò 0.4, tí ìyẹ̀ pákó gbígbẹ kílò 20 sì ní kábọ́ọ̀nù kílò 9.6 àti náítírójìn tí kò ju kílò 0.024 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12.8 sí 0.424, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 30 sí 1 gan-an. Ìlọ́po méjì péré ni ìyẹ̀ pákó fi ju ìgbẹ́ lọ. Imú ni yóò sọ bóyá a ṣì í: bí amáradàgbà bá pọ̀ jù, òórùn bí ìtọ̀ kíkan yóò jáde, nítorí náítírójìn ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Bí afúnnilókun bá pọ̀ jù, òkìtì yóò kàn jókòó láìgbóná. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti gba ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kí ó wà. Ìrépé ìwé dídán tún máa ń lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ kì í sì í gbà á kọjá, torí náà kí á yọ ọ́ kúrò.

Ìgbóná náà ní ìpele tí a lè fi ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ mọ̀. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni títí dé nǹkan bí 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, gbígbóná bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dára jù láàárín 55 sí 65. Tó bá kọjá 70, àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún wa náà ń kú. Òkìtì tí kò tó mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga kì í sábà lè pa ooru yìí mọ́. Ibi tí orúkọ ti ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí ooru bá ń lọ sílẹ̀, torí nǹkan méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tàbí omi ti tán nínú rẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ni mo pe èyí. Ó sì lè jẹ́ pé oúnjẹ tó rọrùn láti jẹ ti tán, ìtutù nìyẹn. Ẹni tó bá fi “ó ti tutù” sọ méjèèjì yóò kó ajílẹ̀ tí kò jinná lọ sórí ebè.

Ohun tó ń ya ìkejì kúrò lára èkíní ni iṣẹ́ ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní yíyí òkìtì. Yíyí kò tó, torí èèyàn lè yí i kí ti òde ṣì wà lóde. Kíkó òde sínú ni ó yẹ kí á máa sọ: èèpo òkìtì ni kò gbóná, ibẹ̀ sì ni irúgbìn koríko àti kòkòrò àrùn máa ń sá sí. Ìlànà tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1993 fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ẹ̀gbin tí a tò sí ọ̀wọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ́ béèrè pé kí ó wà ní 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ 15, kí a sì kó o padà ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí a bá kó òde sínú, tí a wọ́n omi sí i títí tí ẹ̀kúnwọ́ tí a fún yóò fi kán ẹ̀kán kan tàbí méjì, tí ooru sì padà, ìfàsẹ́yìn ni. Bí kò bá padà, ó ti wọ ìtutù, ó kù kí ó gbó. Gbígbó yìí lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí ìyẹ̀ pákó bá pọ̀, torí ara igi le fún àwọn kòkòrò náà láti jẹ. Bí a bá fi í sí ìdí ṣọkọ tàbí ewédú kí ó tó gbó, àwọn kòkòrò náà yóò máa fa náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ra, ewé yóò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé a kò fi ajílẹ̀ kankan sí i.