Ibi Tí Ìbọn Afẹ́fẹ́ Ń Kó Agbára Pamọ́ Sí

Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í lo ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń ti ọta jáde. Ìbéèrè kan ni àwọn tó ń ṣe é ti ń gbìyànjú láti dáhùn láti ayébáyé: níbo ni agbára náà yóò fara pamọ́ sí kí a tó yìn ín?

Ní nǹkan bí ọdún 1780, àwọn ọmọ ogun Ọ́stríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn tí Gírándónì ṣe. Ìdí ìbọn náà jẹ́ àgbá irin tí wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ sí. Kì í rú èéfín, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìgbà 1,500 ni wọ́n ń tẹ páǹpù kí àgbá tó kún. Bí wọ́n bá sì ti ń yìn ín ni afẹ́fẹ́ ń dín kù, tí agbára ọta ń rẹlẹ̀.

Sípíríǹgì yanjú wàhálà páǹpù yìí. Ní Bámíńgámù, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Líńkọ́lìn Jẹ́fíríìsì gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan ní 1904, ilé iṣẹ́ BSA sì ń ṣe é fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń fa ọ̀pá rẹ̀ kí sípíríǹgì tó sún kì. Bí a bá yìn ín, sípíríǹgì yóò ti písítínì síwájú, písítínì yóò sì fún afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọta. Àléébù rẹ̀ ni pé irin wúwo yìí ń mi ìbọn kí ọta tó jáde. Ẹni tó bá dì í mú gírígírí yóò rí i pé ọta rẹ̀ ń fọ́n káàkiri. Ó sàn kó rọra tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́. Bí a bá sì fi sípíríǹgì sílẹ̀ ní fífún fún wákàtí púpọ̀, ó ń rọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ Tíobẹ́nì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gáàsì tí a sé mọ́ inú ọ̀pá rọ́pò sípíríǹgì. Gáàsì kì í rẹ̀ bí irin, nítorí náà ó wúlò fún àgbẹ̀ tó ń dọdẹ eku pẹ́ nínú abà. Síbẹ̀, ó ṣì ń mi ìbọn. Bí gáàsì bá sì ń jò, fífa rẹ̀ yóò rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọta yóò sì máa balẹ̀ sísàlẹ̀.

Ní 1984, ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ ti mítà 10 wọ inú eré Òlíńpíìkì. Àárín àmì tí wọ́n ń yìn kò ju ìdajì mìlímítà lọ, nítorí náà àwọn ayìnbọn padà sí ìbọn tó ní àgbá afẹ́fẹ́, torí kò sí irin ńlá tó ń sáré nínú rẹ̀. Àwọn tòde òní ní ohun tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ṣe déédéé.

Fún eku abà, èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ṣiṣẹ́. Orí eku ni ọta gbọ́dọ̀ bà kó lè kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ọdẹ kọ́kọ́ yin ọta márùn-ún sí ara bébà. Bí wọn kò bá wọ inú àyíká tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, ó ti jìnnà jù. Kó sún mọ́ ọn, tàbí kó má yìn ín rárá, kó má baà dá ẹranko lóró.