Ìtàn Yíyọ Ìkùn Jẹnẹrétọ̀ Kúrò Nínú Ohùn Tí A Gbà Lọ́jà

Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́jà Tẹ̀júoṣó, Yábà àti Ojúwọyè ní Múṣin mọ ìṣòro méjì: 'ṣííí' tí kì í dákẹ́, àti ìkùn jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo. Bí wọ́n ṣe ń yọ méjèèjì ní ìtàn, ṣùgbọ́n ìtàn náà fọ́nká, àwọn tó ń sọ ọ́ sì ń tako ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi tò ó síbí.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Ray Dolby ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Dolby ṣe fún àwọn situdíò ní 1965, tó sì ṣe fún téèpù inú ilé ní 1968, ni pé ó ń gbé ohùn tó rẹlẹ̀ sókè nígbà tí wọ́n bá ń gbà á sílẹ̀, á sì dá a padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ. 'Ṣííí' ti téèpù fúnra rẹ̀ á wá bá a rọlẹ̀. Ariwo tó bá ohùn wọlé láti ọjà kò sí lára iṣẹ́ yẹn.

Steven Boll ti Yunifásítì Utah ni ká dárúkọ. Ní 1979, ó kọ ọ̀nà kan tí ó rọrùn: ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀, ẹ wọn bí ariwo ibẹ̀ ṣe lágbára tó ní ìpele ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n náà kúrò nínú gbogbo ohùn yòókù. Àléébù rẹ̀ hàn kíá. Ariwo kì í dúró gélé lójú kan, nítorí náà ẹ̀rún rẹ̀ ń ṣẹ́kù, ó sì ń dún bí ẹyẹ tó ń ké wíwí-wíwí láàárín ọ̀rọ̀. Lọ́dún kan náà, Berouti, Schwartz àti Makhoul dá a lóhùn pé kí a má yọ ariwo tán, kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ kó bo igbe náà. Títí dòní, ìmọ̀ràn yẹn ló ń gba ohùn là.

Ilé iṣẹ́ CEDAR dé ní 1988 láti bá àwọn ilé àkójọ ohùn yọ ariwo. Lẹ́yìn tí Audacity jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2000, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà.

Àríyànjiyàn tó yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò ni ti 50 Hz. Àwọn kan ní ìkùn jẹnẹrétọ̀ wà ní 50 Hz bíi ti iná ìjọba, pé kí a gé ibẹ̀, ó ti tán. Iná tó ń gba inú wáyà wọlé ni ọ̀rọ̀ wọn bá mu. Èyí tí etí ń gbọ́ lọ́jà, ìró ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń po epo mọ́ ọ́ìlì máa ń dáná ní gbogbo ìyípo, nítorí náà bí ó bá yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, á dún ní 50 Hz. Èyí tó ń lo ọ́ìlì lọ́tọ̀, tó sì ní sìlíńdà kan, máa ń dáná lẹ́yìn ìyípo méjì, á sì dún ní 25 Hz àti gbogbo ìlọ́po rẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá tan fíríìjì, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, ìró náà á sì rọlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Ká ní ìyá aláta kan ń sọ̀rọ̀ ní Ojúwọyè, tí jẹnẹrétọ̀ onísìlíńdà kan tó ń lo ọ́ìlì lọ́tọ̀ ń yí ìgbà 2,850 ní ìṣẹ́jú kan nítòsí. Nínú Audacity, ẹ yan ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí ìyá ò ti sọ̀rọ̀, ẹ ṣí `Plot Spectrum`, kí ẹ sì fi `Size` sí 65536. Ṣóńṣó á yọ ní nǹkan bíi 71, 95 àti 119 Hz. Àlàfo wọn jẹ́ 23.75, èyí sì jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni tó gé 50 Hz kò gé nǹkan kan. Ohùn obìnrin sábà máa ń wà lókè 160 Hz, nítorí náà ẹ yan gbogbo ohùn náà, kí ẹ lo `High-Pass Filter` ní 100 Hz, kò ní pa á lára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `Notch Filter` gé 95 àti 118.75, kí `Q` jẹ́ 30.

Ìkùn ni a ń kọ́kọ́ yọ, kí 'ṣííí' tó kàn. Ẹ padà sí ibi tí ìyá ti dákẹ́, ẹ tẹ `Get Noise Profile` nínú `Noise Reduction`, lẹ́yìn náà ẹ yan gbogbo ohùn náà, ẹ tún ṣí `Noise Reduction`, kí ẹ sì yọ 12 dB péré. Kí ẹ tó gbà á, ẹ yan `Residue`, kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ dà nù. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá nínú rẹ̀, ẹ ti yọ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ yan `Reduce` padà kí ẹ tó gbà á. Bí fíríìjì bá sì ti yí ìró náà padà láàárín, ẹ pín ohùn náà sí méjì, kí ẹ wọn ariwo apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ní 2017, Jean-Marc Valin gbé RNNoise jáde, èyí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ohùn àti ariwo kọ́ kó lè dá wọn mọ̀. Ó yára. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn náà ni ti oníbàárà tó ń ná ọjà lẹ́yìn, kò sì sí èyíkéyìí nínú ọ̀nà wọ̀nyí tó lè yọ ọ́ kúrò láìmú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyá lọ. Nítorí náà, ẹ máa tọ́jú ohùn àkọ́kọ́ bí ẹ ṣe gbà á, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà rẹ̀.