Òwe Arọ́pò àti Òwe Àfikún nínú Àtúnkọ Ọ̀rọ̀ Ìta-gbangba

Láti ìgbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ̀wé lórí ìhun òwe Yorùbá ní 1968, tí Ọlátúnjí náà sì ya orí kan sọ́tọ̀ fún òwe nínú ìwé rẹ̀ ti 1984, àríyànjiyàn lórí ìhun òwe ti rọlẹ̀. Èyí tí a kò bójú tó ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ti kọ ní gbólóhùn lásán, tí ẹlòmíràn wá ń tún un kọ kí ó lè ṣeé kà létí àwọn èèyàn. Inú àkójọ òwe ni atúnnikọ bẹ́ẹ̀ máa ń sá lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣìnà. Kókó-kókó ni Owómóyèlà to òwe sí nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti 2005. Ètò yẹn dára fún ẹni tó ń ṣèwádìí ìwà Yorùbá. Fún ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ kọ, mo gbà pé ewu ni, nítorí òwe tó bára mu ní kókó lè máà bára mu rárá lẹ́nu ẹni tí yóò pa á.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ fà yọ ni ti òwe arọ́pò àti òwe àfikún. Òwe arọ́pò ń lé gbólóhùn kan jáde, ó sì ń jókòó sí àyè rẹ̀. Òwe àfikún ń dúró ti gbólóhùn tó ti sọ nǹkan kan náà tán. Ọ̀nà àtidá wọn mọ̀ kò le: ẹ yọ gbólóhùn lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwe náà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá já, arọ́pò ni. Bó bá jẹ́ òwe lẹ yọ, tí kò sí ohun tó dín, àfikún ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú kan tí yóò bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí: “Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, owó ẹ̀rọ omi kò tíì pé. Àwa ọ̀dọ́ yóò gbẹ́ kòtò ọ̀pá omi, ṣùgbọ́n a kò lówó ẹ̀rọ. Ẹ̀yin lówó, ṣùgbọ́n ẹ kò lágbára àtigbẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é.”

Atúnnikọ tó ti àkójọ dé yóò kọ́kọ́ fi “Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà” sí i, yóò fi “Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí” tì í, yóò sì fi “Igi kan kì í dá igbó ṣe” dé e lórí. Ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wí, kò sì sí èyí tó sọ ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀ tàbí ẹni tí yóò sanwó. Àwọn mìíràn á mú “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Lójú àgbà tí kò tíì dá owó, ẹ̀sùn nìyẹn, pàápàá láti ẹnu ọmọdé.

Èyí tó yẹ ni “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè,” torí pé apá méjì tó ní ni apá méjì tí ọ̀rọ̀ náà ní. Mo tún un kọ báyìí: “Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, owó ẹ̀rọ omi kò tíì pé. Kòtò ọ̀pá omi, àwa ọ̀dọ́ la ó gbẹ́ ẹ. Tótó, ó ṣe bí òwe: ọwọ́ tiwa kò tó pẹpẹ, tiyín kò wọ kèrègbè. Owó ẹ̀rọ ni pẹpẹ tí à ń wí.”

Gbólóhùn “ẹ kò lágbára” ti lọ. Lójú tèmi, òun gan-an ló pè fún òwe, nítorí kò sí bí ọmọdé ṣe lè wí i ní gbangba kó má di àfojúdi. “Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é” náà lọ, torí pé òwe ti wí i. Gbólóhùn ìkẹyìn kò túmọ̀ òwe. Ó gba pẹpẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá jẹ́ “èyí túmọ̀ sí pé” ló tẹ̀ lé e, òwe arọ́pò yóò padà di àfikún lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan yóò ní n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi “tiwa” àti “tiyín” rọ́pò “ọmọdé” àti “àgbàlagbà”, pé òwe kì í yí. Kí wọ́n lọ jókòó níbi ìpàdé ẹbí kan. Ojoojúmọ́ ni ẹlẹ́nu ń pa òwe dà báyìí, àwọn tó ń gbọ́ sì mọ ibi tó ti wá. Ó ṣeé ṣe kí òwe tí wọn kò mọ̀ dunjú máà gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ti “tótó” ṣì kù. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá ti wí i, àgbà kan yóò dáhùn pé “wàá rí òmíràn pa,” atúnnikọ sì gbọ́dọ̀ dá ẹnu dúró lórí ìwé kí ìdáhùn náà lè ráyè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta tótó nínú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdáhùn yóò ti máa rẹ àwọn àgbà. Èyí nìkan tó láti fi òté lé iye òwe tí ọ̀dọ́ lè pa níwájú wọn, mo sì gbà pé àkójọ òwe tó bá ń bọ̀ yẹ kí ó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè pa wọ́n àti ẹni tó lè pa wọ́n fún, kí ó fi kókó sí ìsàlẹ̀.